Ìwé Ìrántí Gbèsè: Ẹ Kìlọ̀ Fún Wọn, Ẹ Má Halẹ̀ Mọ́ Wọn

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohùn tàbí ti sílébù tí ẹ ti ń gbọ́ ní kíláàsì. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni. Ní Savalou àti ní Bantè, bí i ti àwọn ìlú yòókù ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti oníṣòwò ló ń yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àfowópamọ́ láti fi tún oko kájú ṣe, láti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí iṣu fún títà, tàbí láti ra ẹ̀gẹ́ tí wọn yóò fi din gaàrí. Bí ọjọ́ ìsan bá kọjá tí owó kò dé, ẹgbẹ́ náà yóò kọ ìwé ránṣẹ́. Ìwé kékeré, ojú ewé kan péré. Ó dá wa lójú pé iṣẹ́ wa ni ìwé yẹn, nítorí pé èdè ni ó fi ń ṣiṣẹ́, èdè náà ni ó sì sábà máa ń bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ìwé náà ń gbà dé etí ẹni tó ni ín. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yá owó náà kò ka ìwé Faransé, nítorí náà ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni yóò kà á, tí yóò sì sọ ọ́ ní èdè ilé. Ní Bantè, Ìṣà ni èdè náà, ọmọ ìyá Yorùbá ni, a sì máa ń rí i kí àwọn kan kọ ọ́ ní Ica. Ní Savalou, Mahi ni ó wọ́pọ̀, òun sì bá Fọ̀n tan. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni yóò wá di ògbufọ̀ láàárín ayánilówó àti ìyá rẹ̀. Gbólóhùn Faransé gígùn tó sọ pé ẹgbẹ́ náà yóò rí ara rẹ̀ nínú ọ̀ranyàn láti lo gbogbo ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀, kí ni ọmọ náà yóò fi pè é? Yóò ní, "Ìyá, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá kó ẹrù wa." Gbogbo ọjọ́, gbogbo iye owó, gbogbo ọ̀nà àbáyọ tó wà nínú ìwé náà ti dànù sójú ọ̀nà. Ẹ̀rù nìkan ló dé ilé.

Èrò tiwa ni pé kí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí máa kọ ìwé náà ní èdè tí yóò fi dé etí, kí wọ́n sì tún un ṣe kí ó le láìṣe àfojúdi, kí ó sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ láìfi ohun tí kò ní í ṣẹlẹ̀ kún un. Ọ̀nà tí a lè gbà ṣe é ni a fẹ́ sọ.

Oríṣi ìwé méjì ló máa ń bàjẹ́. A kọ àpẹẹrẹ méjèèjì fúnra wa kí á má baà fi ti ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Ìkíní nìyí:

"Ìkìlọ̀ ìkẹyìn! O ti kọ̀ láti san gbèsè tí o jẹ wá. Bí o kò bá san án kíákíá, a ó fi ọlọ́pàá mú ọ, a ó kó gbogbo ẹrù ilé rẹ, gbogbo ọjà ni yóò sì mọ̀ pé ajigbèsè ni ọ́."

Ìkejì rèé:

"Ìyá wa ọ̀wọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ọlọ́run yóò bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín. A kàn ní kí á rán yín létí ọ̀rọ̀ kékeré tó wà láàárín wa. Bí ààyè bá ṣí sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó. Ẹ ṣeun, ẹ kú ìfẹ́."

Ẹni tó bá kà wọ́n yóò sọ pé èkíní le, èkejì sì rọ̀. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo èkíní dáadáa: èló ni gbèsè náà? Kò sọ. Ọjọ́ wo ni "kíákíá"? Kò sọ. Ibo ni kí obìnrin náà lọ, ta ni kí ó bá sọ̀rọ̀? Kò sí níbẹ̀. Ariwo ni ó le nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò le. Èkejì náà kò sọ iye owó, kò sọ ọjọ́, kò sì sọ ohun tí yóò tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá wá kọ̀wé sí onídùúró rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn èyí, obìnrin náà yóò sọ pé wọ́n da òun, òótọ́ ni yóò sì sọ. Ìwà pẹ̀lẹ́ tó bá fi ewu pamọ́ fún ẹni tí ewu náà ń bọ̀ wá bá, kì í ṣe ìwà pẹ̀lẹ́. Nítorí náà àlébù kan náà ni àwọn ìwé méjèèjì ní: wọn kò sọ ohun tó yẹ kí wọ́n sọ.

Kí a tó tún wọn ṣe, ó dára kí á rántí pé gbígba gbèsè kì í ṣe ohun titun láàárín wa. Samuel Johnson kọ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, nípa àwọn ológò, àwọn tí ayánilówó ń bẹ̀ lọ́wẹ̀ láti lọ jókòó sí ilé ẹni tó jẹ gbèsè, tí wọn yóò máa fi ìyà jẹ gbogbo ará ilé títí owó yóò fi jáde. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà di ẹni tí a ń pè ní òṣómàáló, nítorí pé wọn a máa sọ fún oníbàárà wọn pé orí òṣóòṣó ni àwọn yóò wà títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Àwọn méjèèjì kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ara wọn tó jókòó síbẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀, ojú wọn ni ó ń sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó. Ìwé kò ní ojú, kò sì ní ohùn. Gbogbo ohun tí ológò ń fi ìjókòó ṣe, gírámà ni ìwé yóò fi ṣe é. Bí gírámà náà kò bá dára, ẹni tó kọ ìwé yóò fẹ́ fi ariwo dípò ojú, ibẹ̀ ni ìhalẹ̀ ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ìhalẹ̀, kí á sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkìlọ̀. Àwọn tó ka iṣẹ́ J. L. Austin, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1962, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í kàn ń ròyìn ayé, ó máa ń ṣe nǹkan: a ń fi ọ̀rọ̀ ṣèlérí, a ń fi í bẹ̀bẹ̀, a ń fi í kìlọ̀, a sì ń fi í halẹ̀. Nínú èdè Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kò fara balẹ̀ lè pa ìkìlọ̀ pọ̀ mọ́ ìhalẹ̀. Yorùbá ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa tipẹ́, ẹ sì wo ohun tó fi yà wọ́n. A máa ń *halẹ̀ mọ́* ènìyàn, ṣùgbọ́n a máa ń *kìlọ̀ fún* ènìyàn. "Mọ́" yẹn náà ni a ń rí nínú jágbe mọ́, kanra mọ́ àti pariwo mọ́: ohun tí à ń ṣe ń lọ lu ẹni náà. "Fún" náà ni a ń rí nínú sọ fún, ṣe fún, rà fún: ohun tí à ń ṣe wà fún àǹfààní rẹ̀, tàbí ó kéré tán, ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ láti lò. Ẹni tó bá halẹ̀ mọ́ mi, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣẹ̀dá aburú náà kí n lè bẹ̀rù. Ẹni tó bá kìlọ̀ fún mi, aburú náà ti wà níbìkan tẹ́lẹ̀, nínú ìwé àdéhùn tàbí nínú òfin, ó kàn ń fi ibi tó wà hàn mí kí n lè yà fún un.

Ìdánwò tí à ń wá nìyẹn. Bí gbólóhùn kan nínú ìwé ìrántí bá sọ ohun tó ti wà nínú àdéhùn tàbí nínú òfin, ìkìlọ̀ ni, a lè kọ ọ́ gbangba láìtijú. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìhalẹ̀ ni, kí á pa á rẹ́. Láti lè ṣe ìdánwò yìí, ẹni tó ń kọ ìwé gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òfin sọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á gbé àwọn ìlérí ìwé àkọ́kọ́ lọ síwájú òfin.

Ó ní òun yóò fi ọlọ́pàá mú un. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wọ inú Majẹ̀mú Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ìlú àti Ẹ̀tọ́ Òṣèlú ní 1992, abala 11 májẹ̀mú náà sì sọ pé a kò gbọ́dọ̀ ju ẹnikẹ́ni sí ẹ̀wọ̀n kìkì nítorí pé kò lágbára láti mú àdéhùn ṣẹ. Bí ẹni tó yáwó bá lo ìwé èké láti fi gbà á, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin tí gaàrí rẹ̀ kò tà kì í ṣe ọ̀daràn. Ìhalẹ̀ ni gbólóhùn yẹn. Ó ní òun yóò kó gbogbo ẹrù ilé rẹ̀. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn orílẹ̀-èdè OHADA, tí ó ní òfin kan náà lórí ọ̀nà gbígba gbèsè láti 1998, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2023. Lábẹ́ òfin náà, òṣìṣẹ́ ayánilówó kò lè fúnra rẹ̀ wọlé gbé ẹrù. Ayánilówó yóò lọ bẹ ilé ẹjọ́ fún àṣẹ, wọn yóò fi àṣẹ náà lé ẹni tó jẹ gbèsè lọ́wọ́, òun náà ní àǹfààní láti takò ó láàárín ọjọ́ tí òfin là sílẹ̀, lẹ́yìn gbogbo èyí ni akódà ilé ẹjọ́ tó lè fọwọ́ kan nǹkan. Ìhalẹ̀ tún ni. Ó ní gbogbo ọjà yóò gbọ́. Kò sí ìwé àdéhùn tó sọ bẹ́ẹ̀. Ìhalẹ̀ ni.

Kí ni ó kù tí a lè fi kìlọ̀? Ó kù púpọ̀. Onídùúró wà. Òfin OHADA lórí ìdúró fún gbèsè, tí wọ́n tún ṣe ní 2010, là á sílẹ̀ pé ayánilówó kò lè bá onídùúró jà àfi bí ó bá ti kọ́kọ́ kọ̀wé pé kí ẹni tó yáwó san án, tí ìwé náà kò sì so èso. Ó tún sọ pé láàárín oṣù kan, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí onídùúró mọ̀ pé owó kò tíì wọlé, àti iye tó kù. Ẹ rí i pé ìwé ìrántí wa kì í ṣe ìkíni lásán: òun ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tí òfin ń béèrè. Bí kò bá sọ iye, tí kò sì sọ ọjọ́, ó ṣòro fún ayánilówó láti fi hàn lọ́la pé òun béèrè owó òun bó ti yẹ. Ìwé "ọ̀rọ̀ kékeré tó wà láàárín wa" yẹn ń ba ẹjọ́ ayánilówó jẹ́ bí ó ti ń tan ẹni tó yáwó jẹ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á tún ìwé náà kọ. Ká ní obìnrin kan ní Savalou, tó ń din gaàrí sohui tí a mọ ìlú náà mọ́, yá 240,000 owó sẹ́fà, tí yóò san án padà ní oṣù 12. Láti 2014, ayánilówó irú èyí kò gbọ́dọ̀ gba ju 24 nínú 100 lọ lọ́dún. Bí ó bá jẹ́ iye yẹn ni wọ́n gbà, ìsan oṣù kan yóò sún mọ́ 22,700 sẹ́fà. Kò san ti 5 Oṣù Karùn-ún, kò sì san ti 5 Oṣù Kẹfà. 45,400 nìyẹn. Ìwé àdéhùn sọ pé owó ìdádúró jẹ́ 500 sẹ́fà lórí ìsan kọ̀ọ̀kan, ó di 46,400. Ọjọ́ 20 Oṣù Kẹfà ni à ń kọ ìwé.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni yóò sọ bóyá à ń kìlọ̀ tàbí à ń bá a jà. "O ti kọ̀ láti san" kò dára, kì í sì ṣe nítorí "o" nìkan. "Kọ̀" ń sọ ohun tó wà nínú ọkàn obìnrin náà, ayánilówó kò sì sí nínú ọkàn rẹ̀. "Owó náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa" ń sọ ohun tí ìwé ìṣirò fi hàn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì kíyè sí "tíì" yẹn. "Kò dé" ti pa ìlẹ̀kùn dé. "Kò tíì dé" gbà pé ó ń bọ̀. Sílébù méjì péré ni, ṣùgbọ́n òun ló fi obìnrin náà sí ipò ẹni tí à ń retí, kò fi í sí ipò ẹni tí à ń lé. Òun náà ni ìdí tí a kò fi ní í pè é ní onígbèsè, ká má tilẹ̀ dárúkọ ajigbèsè. Orúkọ rẹ̀ ni kí á pè, pẹ̀lú "Ìyá" níwájú rẹ̀ bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá tó bẹ́ẹ̀, kí "ẹ" àti "yín" sì dúró jálẹ̀ ìwé. Àwọn kan máa ń fi "ẹ" bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá wá dé orí ọ̀rọ̀ kóòtù wọn yóò bọ́ sí "o". Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an ni ọ̀wọ̀ ti ṣe pàtàkì jù.

Ohun kejì ni "bí… bá". "Bí ẹ kò bá san owó náà" àti "bí a kò bá rí owó náà" jọ ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan. Èkíní tọ́ka sí ìwà obìnrin náà. Èkejì tọ́ka sí owó, ó sì tún fi ààyè sílẹ̀ fún ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́: kí ó jẹ́ pé ó ti fi owó rán ẹnìkan, tàbí pé ó ti san án tí akọ̀wé kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀. Ayánilówó tó bá kọ èkíní, tí obìnrin náà sì mú ìwé ẹ̀rí ìsanwó jáde, ojú rẹ̀ á tì í. Èkejì kò ní àbùkù kankan.

Ohun kẹta, èyí tí àwa kà sí pàtàkì jù lọ, ni "ó" àti "lè". Ẹni tó ń ṣojo nínú ìwé máa ń kọ "a lè kọ̀wé sí onídùúró yín". Ẹni tó ń fúnnu máa ń kọ "a ó kó ẹrù yín". Àwọn méjèèjì ti fi ọ̀rọ̀ atọ́ka sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ ayánilówó, tó sì ti pinnu láti ṣe, kí ó fi "ó" sí i, kí ó sì fi ọjọ́ tì í: "a ó kọ̀wé sí onídùúró yín ní 10 Oṣù Keje." Ohun tó wà ní ọwọ́ ẹlòmíràn, kí ó sọ ẹni náà, kí ó sì lo "lè": "ilé ẹjọ́ ni yóò pinnu, ó sì lè pàṣẹ pé kí wọ́n gba ohun ìní." Ìwé tó bá kọ ọ́ báyìí le ju ìwé ariwo lọ, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí kò ní í ṣẹ. Bí 10 Oṣù Keje bá sì dé, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é. "Ìkìlọ̀ ìkẹyìn" tí a fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé irọ́ ni ti àkọ́kọ́.

Ohun kẹrin ni ètò. Ohun tí ènìyàn gbọ́ kẹ́yìn ni yóò bá a sùn. Nítorí náà, a ó kọ iye owó ṣáájú, ọjọ́ tẹ̀lé e, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ yóò wà ní àárín, ọ̀nà àbáyọ ni yóò sì kẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́" yóò wà ní ojú kan ṣoṣo, ibi tí a ti ń béèrè owó. Kò gbọ́dọ̀ wà lára gbólóhùn ilé ẹjọ́, nítorí pé ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ nígbà tó ń kìlọ̀ kò ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ìkíni náà, kí ó mọ ní ọ̀kan. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" kò sì bójú mu níbẹ̀: ẹni tó mọ̀ pé òun ti pẹ́ lè gbọ́ ọ bí ẹ̀gún.

Ìwé tiwa nìyí, a fi ààyè orúkọ sílẹ̀:

"20 Oṣù Kẹfà. Ìyá (orúkọ), ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsan oṣù méjì lórí owó tí ẹ yá lọ́dọ̀ wa kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa: ti 5 Oṣù Karùn-ún àti ti 5 Oṣù Kẹfà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 22,700 sẹ́fà. Owó ìdádúró tó wà nínú ìwé àdéhùn wa jẹ́ 1,000 sẹ́fà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 46,400 sẹ́fà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí owó yìí tẹ̀ wá lọ́wọ́, ó pẹ́ tán, ní 5 Oṣù Keje.

"Bí a kò bá rí owó náà títí di ọjọ́ yẹn, a ó kọ̀wé sí onídùúró yín ní 10 Oṣù Keje, a ó sì sọ iye tó kù fún un, bí òfin ti wí. Bí a kò bá rí i títí di 5 Oṣù Kẹjọ, a ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ ni yóò pinnu, ó sì lè pàṣẹ pé kí wọ́n gba ohun ìní láti fi san án.

"Bí ẹ bá ti san án, ẹ mú ìwé ẹ̀rí wá, a ó tún ìwé wa ṣe. Bí ẹ kò bá lè san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá rí wa kí ọjọ́ 5 Oṣù Keje tó pé, kí á jọ pín in sí ọ̀nà tí ẹ lè san. A wà ní ọ́fíìsì ní gbogbo ọjọ́ ọjà."

Ìwé yìí kò gùn, kò sì sí èébú kan nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó kà á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti le. Ìdí ni pé ọjọ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ìgbésẹ̀ kan sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 5 Oṣù Kẹjọ náà kò ṣàdédé wá: oṣù mẹ́ta ni ó pé lẹ́yìn ìsan àkọ́kọ́ tí kò wọlé, ìgbà tí ayánilówó fúnra rẹ̀ níláti ka owó náà mọ́ àwọn gbèsè tó ti di ìṣòro.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ìwé kan ti dára? Ẹ má bi ẹni tó kọ ọ́. Ẹ fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan, kí ó sọ ọ́ ní èdè ilé fún àgbàlagbà tí kò rí ìwé náà. Kí ẹ wá bi àgbàlagbà yẹn ní ìbéèrè mẹ́rin: Èló ni? Ọjọ́ wo? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ bá kọjá? Níbo ni wọ́n ní kí ẹ wá? Bí ó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìwé náà ti dé. Bí ó bá jẹ́ pé "wọ́n ń bínú" nìkan ni ó lè sọ, kí wọ́n tún un kọ. Iṣẹ́ tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe nìyí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú ohun èlò ìgbohùnsílẹ̀ lásán.

A mọ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ayánilówó yóò sọ. Wọn yóò ní ẹni tí kò gbọ́ ariwo kò ní í gbọ́ pẹ̀lẹ́. Ìdáhùn wa ni pé àwọn ń pa ẹni méjì pọ̀. Ẹni tó ní owó tí kò fẹ́ san kò bẹ̀rù ọlọ́pàá tí ó mọ̀ pé kò ní í wá. Ọjọ́ tí onídùúró rẹ̀ yóò gba ìwé ni ó ń bẹ̀rù, a sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ fún un. Ẹni tí kò ní owó, ìhalẹ̀ kò lè bí owó fún un. Ohun tí ìhalẹ̀ lè ṣe ni kí ó máa sá fún òṣìṣẹ́, tàbí kí ó lọ yá owó mìíràn níbi tó burú jù láti fi dí ihò yìí. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní í yọ ọfà lápó, bí àwọn àgbà ti wí. Ṣùgbọ́n a fẹ́ fi kún un pé kí ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ náà dárúkọ iye obì.

Ìwé náà ní ibi tí agbára rẹ̀ pin sí. Kò lè tún àdéhùn tí kò bá ìgbà mu ṣe. Ní Bantè, àárín Oṣù Kejì sí Oṣù Karùn-ún ni owó kájú máa ń wọlé jù. Àgbẹ̀ kájú tí wọ́n ṣètò ìsan rẹ̀ sí Oṣù Kẹwàá, kò sí gbólóhùn tó lè mú un rí owó nígbà yẹn. Ọjọ́ tí à ń yàn sínú ìwé náà gbọ́dọ̀ mọ ìlú. Ní Savalou, 15 Oṣù Kẹjọ ni ọdún iṣu tuntun. Ẹni tó bá ní kí wọ́n wá ọ́fíìsì òun lọ́jọ́ yẹn yóò jókòó lóun nìkan. Bákan náà, ohun tí a sọ nípa "mọ́" àti "fún", nípa "kò tíì" àti "lè", Yorùbá ni a sọ ọ́ fún. Ìṣà lè gba púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ Ìṣà ni kí wọ́n sọ ibi tó yàtọ̀. Ní ti Mahi, iye owó, ọjọ́ àti ètò ìwé náà kò ní í yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ Mahi tó wà láàárín wa ni a sì ń dúró dè.

Ohun tí à ń bẹ̀ yín fún nìyí, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa. Bí ẹ bá lọ ilé ní ìsinmi, tí wọ́n sì mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá pé kí ẹ bá àwọn kà á, ẹ má sọ ohun tí ẹ rò pé ó wí. Ẹ wá iye, ẹ wá ọjọ́, ẹ wá ìgbésẹ̀. Ibi tí kò bá ti sí, ẹ bá wọn kọ̀wé padà kí wọ́n béèrè rẹ̀. Ẹni tó yáwó ní ẹ̀tọ́ láti mọ èló ni òun jẹ, ìgbà wo ni wọ́n ń retí rẹ̀, àti ẹni tí yóò gbọ́ bí kò bá wá.